Òrùka funfun tó ń yí irun ká lẹ́yìn tí a bá yọ ẹ̀yìn àwòrán kúrò

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo ya fọ́tò obìnrin kan níwájú ògiri funfun. Irun rẹ̀ dúdú, ó sì ta wúruwùru. Mo fi írésà pa ògiri náà rẹ́, mo wá gbé e sórí búlúù tó ṣókùnkùn. Ṣe ni ohun funfun kan yí irun náà ká bí òrùka. Mo pa á rẹ́ títí, kò lọ. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ọwọ́ yín kọ́ ló ṣẹ̀. Funfun tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe ògiri tó ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ irun, inú irun gan-an ló wà. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò, fọ́nrán irun kan tín-ín-rín ju píkísẹ́lì kan lọ. Bí irun bá gba ìdajì píkísẹ́lì, tí ògiri gba ìdajì yòókù, kámẹ́rà ò lè kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni àyè wà fún, nítorí náà ó po wọ́n pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn po ẹfun mọ́ èédú tí àwọ̀ eérú jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi iye wò ó. Nínú kọ̀ǹpútà, dúdú jẹ́ 0, funfun jẹ́ 255. Ká ní irun yẹn jẹ́ 40, ògiri sì jẹ́ 255. Píkísẹ́lì tí wọ́n pín ní ìdajì-ìdajì á jẹ́ nǹkan bí 148. Írésà kì í fọwọ́ kan iye yìí rárá. Iye mìíràn ló ń yí padà, èyí tó ń sọ bí píkísẹ́lì ṣe bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó. Álífà là ń pè é. Ká tiẹ̀ ní ẹ ṣe é bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, tí álífà rẹ̀ wá sí ìdajì, 148 ṣì jókòó síbẹ̀. Ẹ gbé e sórí àwọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 30: ìdajì 148 àti ìdajì 30 á fún yín ní 89. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ irun gidi, 40, ló wà nínú píkísẹ́lì náà, 35 lẹ̀ bá rí. Ohun tó wà láàárín 35 àti 89 yẹn ni òrùka tó ń dà yín láàmú.

Ẹ tún fáìlì kan náà gbé sórí funfun, ẹ ò ní rí òrùka kankan. Ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ pé àwọ̀ ògiri àtijọ́ ló wọ inú irun. Pípa tí ẹ ń pa á rẹ́ sí i, álífà lẹ ń dín kù, nígbà tó jẹ́ pé àwọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ tún ṣe.

Ìbéèrè: Mo fa etí àwòrán náà wọlé ní píkísẹ́lì méjì. Òrùka lọ lóòótọ́, àmọ́ irun wá dà bí fìlà tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Photoshop ni mo ń lò. Ṣé kò sí ọ̀nà míì?

Ìdáhùn: Ọ̀nà wà. Fífa etí wọlé dára fún èjìká àti aṣọ, torí pé ibi tí àwọ̀ méjì ti pò pọ̀ níbẹ̀ kò ju píkísẹ́lì kan tàbí méjì lọ. Ní ti irun tó ta, gbogbo rẹ̀ pátá ni ibi àpòpọ̀. Tẹ́ ẹ bá gé ibi àpòpọ̀ kúrò, irun lẹ gé. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi Feather mú etí rẹ̀ rọ̀, torí ṣe nìyẹn á tún fa píkísẹ́lì ògiri púpọ̀ sí i wọlé, òrùka á wá fẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fi álífà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo wá kun àwọ̀ nìkan. Níwọ̀n bó ti jẹ́ írésà lẹ lò, ẹ tẹ Lock transparent pixels lórí lẹ́yà náà, kí búrọ́ọ̀ṣì má bàa lè kun ibi tó ti ṣófo. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ létí, ẹ gbé Mode rẹ̀ sí Darken, kí Opacity wà ní nǹkan bí 40%. Ẹ wá mú àwọ̀ láti inú irun fúnra rẹ̀, ní ibi tó sún mọ́ etí àmọ́ tí funfun ò dé, kẹ́ ẹ rọra fi kun etí náà.

Mode yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ní Darken, búrọ́ọ̀ṣì ò lè yí ohun tó bá ti dúdú ju àwọ̀ yín lọ padà. Àwọn fọ́nrán dúdú á dúró bí wọ́n ṣe wà, eérú tó wà láàárín wọn nìkan ló máa ṣókùnkùn. Tẹ́ ẹ bá kun ún ní Normal, gbogbo fọ́nrán á di àwọ̀ kan, irun á wá dà bí ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo orí. Irun òkè orí kì í dúdú tó ti ẹ̀yìn ọrùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń bà á. Bẹ́ ẹ bá ti ń sún, ẹ tún àwọ̀ mú.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jọ̀wọ́, máàsìkì ni kẹ́ ẹ máa lò dípò írésà. Ohun tí írésà bá pa rẹ́ ṣòroó dá padà, ṣùgbọ́n ohun tí máàsìkì bò ṣì wà níbẹ̀. Nínú Select and Mask, ẹ á rí Decontaminate Colors. Àwọ̀ irun tó wà nínú ló ń fà jáde sí etí, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ kan náà tí a fi ọwọ́ ṣe yẹn. Ẹ wo iwájú orí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọ̀ ara bá ti ṣàn wọ inú irun, ẹ dín Amount kù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní irú ìṣòro yìí kan náà, GIMP ló sì ń lò. Kí ni kó ṣe?

Ìdáhùn: GIMP ní ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an fún irun dúdú lórí ògiri funfun. Kó padà sí fọ́tò tí wọn ò tíì pa nǹkan kan rẹ́ lára rẹ̀, torí pé ìṣirò ni a fẹ́ fi yọ funfun náà kúrò nínú píkísẹ́lì. Bí C bá jẹ́ àwọ̀ tí kámẹ́rà kọ, tí B jẹ́ ògiri, tí lẹ́tà a jẹ́ álífà, àwọ̀ irun gidi, F, nìyí:

```
F = (C - (1 - a) * B) / a
```

Ẹ fi iye tí a lò lókè sí i. Nínú 148, ẹ yọ ìdajì 255, ó ku 20.5. Ẹ pín in pẹ̀lú 0.5, ó di 41. A ti rí irun wa padà.

Kó ṣe ẹ̀dà lẹ́yà náà kó di méjì. Lórí ti ìsàlẹ̀, kó lọ sí Layer > Transparency > Color to Alpha, kó sì mú àwọ̀ láti ara ògiri gan-an, kó má kàn fi funfun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, nítorí ògiri tí ojú rí bí funfun lè jẹ́ 235 nínú fọ́tò. Opacity threshold máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irun tó jẹ́ 40 pàápàá á di ohun tí a ń rí òdìkejì láti inú rẹ̀, torí kò dúdú tán. Kó dín in díẹ̀díẹ̀ títí àárín irun á fi dí pátápátá. Nínú àpẹẹrẹ wa, nǹkan bí 0.84 ni, ìyẹn 215 tó wà láàárín 40 àti 255, tí a pín pẹ̀lú 255. Bí òjìji bá wà lára ògiri tó sì ṣẹ́ kù bí ìkuukùu, kó gbé Transparency threshold sókè díẹ̀, bí 0.05.

Ojú àti aṣọ á ti bàjẹ́ lórí lẹ́yà yìí, nítorí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lára wọn náà jọ ògiri. Ìdí tí a fi ṣe ẹ̀dà nìyẹn. Kó fi máàsìkì dúdú bo lẹ́yà ti òkè, kó wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun ṣí ojú, aṣọ àti àárín irun jáde, kó sì dúró kó tó kan ibi tí irun ti ń ta.

Ohun kan wà tí ìṣirò yìí ò lè ṣe. Fọ́nrán tí álífà rẹ̀ jẹ́ 0.1, ìdá mẹ́wàá píkísẹ́lì, ògiri ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Bí JPEG bá ti ṣi iye rẹ̀ gbé ní 3 péré, pípín pẹ̀lú 0.1 á sọ ọ́ di 30, irun á sì yọ àwọ̀ ẹlẹ́yà. Kó pa irú wọn rẹ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì píkísẹ́lì kan tàbí méjì fa fọ́nrán mélòó kan tuntun sí ipò wọn.

Ìbéèrè: Fọ́tò mìíràn tí mo fi fóònù yà níwájú ògiri eérú tún ní ìlà mímọ́lẹ̀. Tiẹ̀ ò mọ sí irun o, ó yí èjìká náà ká, ó sì dọ́gba yí po.

Ìdáhùn: Ìyẹn yàtọ̀. Ẹ ṣí fọ́tò tí ẹ ò tíì gé, ẹ sún mọ́ ọn dé 400%. Bí ìlà náà bá ti wà níbẹ̀, tó mọ́lẹ̀ ju ògiri fúnra rẹ̀ lọ, fóònù ló fà á. Láti mú kí àwòrán mú rekete, ó máa ń mú ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i ní gbogbo ibi tí dúdú àti mímọ́lẹ̀ bá ti pàdé. Ẹ má lo Color to Alpha fún un, torí àwọ̀ ìlà náà kì í ṣe ti ògiri mọ́. Ní èjìká, ẹ fa etí wọlé ní píkísẹ́lì kan tàbí méjì. Ní irun, ẹ padà sí búrọ́ọ̀ṣì Darken.

Kẹ́ ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ fi lẹ́yà dúdú sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ ewé tó tàn, kẹ́ ẹ wo méjèèjì ní 100%. Dúdú á fi funfun tó ṣẹ́ kù hàn, àwọ̀ ewé á fi ibi tí ẹ kun àkunjù hàn. Bí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá ṣì wà létí irun ní ìhà tí iná ti ń bọ̀ nínú fọ́tò, ẹ fi sílẹ̀, nítorí ó wà lórí irun náà kẹ́ ẹ tó gé e.