Bí a ṣe ń fi sítáì tuntun han kọ́sítọ́mà lórí fótò ara rẹ̀ láìpa irọ́

Ẹ̀yin télọ̀, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni kí kọ́sítọ́mà rí aṣọ nínú fótò kó máa tàn yẹ́ríyẹ́rí, kó wá wọ ti gidi tán kó ní "èyí kọ́ lẹ fi hàn mí". Ọ̀pọ̀ ìgbà, fótò yẹn ló purọ́: wọ́n ti fún ìbàdí rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ti jẹ́ kí síkẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ju ohun tí aṣọ yẹn lè ṣe lọ. Ká mú gáùn kan tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó jọ ní ìbàdí ṣe àpẹẹrẹ. Ìbàdí kọ́sítọ́mà jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà, síkẹ́ẹ̀tì máa gùn tó 60, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yípo jẹ́ 240.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà, kẹ́ ẹ wá ya fótò rẹ̀. Kó wọ aṣọ tó mọ́ ọn lára, kó dúró ṣánṣán, kó jẹ́ kí apá rẹ̀ kúrò lára díẹ̀, kó sì wọ bàtà tó máa wọ̀ sí gáùn náà. Ẹ rìn sẹ́yìn tó mítà mẹ́ta, kẹ́ ẹ gbé fóònù sí ọ̀gángán ìbàdí rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, tẹ́ ẹ sì ń yà á látòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrú, orí á sì tóbi. Ẹ fi igi tó gùn ní 100 sẹ̀ǹtímítà ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìlà kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, igi yìí la máa fi mọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya aṣọ gan-an tẹ́ ẹ máa rán. Ẹ má lọ wá fótò aṣọ tó jọ ọ́, torí aṣọ òwú tó le àti sátìnnì lè ní àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rọ̀ sílẹ̀ ò papọ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá ní dọ́mì, ìyẹn ère tí wọ́n ń wọ aṣọ sí, ó dáa, tí ò bá sí, ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì tí yípo rẹ̀ sún mọ́ 80 dé sórí nǹkan tó ga tí ojú rẹ̀ ò fẹ̀ ju bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ẹ kó 240 sẹ̀ǹtímítà aṣọ jọ yí i ká, ẹ fi okùn dè é, kẹ́ ẹ jẹ́ kí 60 rọ̀ sílẹ̀ láìkan ilẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù kó wà lókè okùn. Ibi tí òwú aṣọ máa dojú kọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń rán an ni kó dojú kọ báyìí náà. Ẹ so téèpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń wá láti ẹ̀gbẹ́ kan náà bíi ti fótò kọ́sítọ́mà.

Ó wá ku kọ̀ǹpútà. Nínú GIMP, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe, ẹ ṣí fótò kọ́sítọ́mà, ẹ ti lẹ́yà rẹ̀, ìyẹn ìpele tí fótò náà wà, pa kí ọwọ́ má bà á, kẹ́ ẹ wá lo `File > Open as Layers` fún ti aṣọ. Ẹ fi `Measure` wọn igi yẹn. Ká ní 100 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ 1,000 píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fótò, á jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ píksẹ́lì 10. Ká ní lára téèpù inú fótò aṣọ, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ píksẹ́lì 25, 10 pín sí 25 fún wa ní 40%, iye tẹ́ ẹ máa fi `Scale` dín aṣọ kù nìyẹn, gígùn àti fífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síkẹ́ẹ̀tì yẹn á gùn ní píksẹ́lì 600, òdòdó ara aṣọ náà á sì wà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

Ẹ fi `Free Select` gé e jáde, ẹ gbé e sí ìbàdí, kẹ́ ẹ pa ibi tó bo ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Tí ìbàdí aṣọ ò bá jókòó dáadáa, `Warp Transform` lè tún etí òkè yẹn ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi kan ara èèyàn láéláé. Fún òjìji tí síkẹ́ẹ̀tì máa dá sí ẹsẹ̀, ẹ fi lẹ́yà tuntun kun un ní àwọ̀ eérú, kẹ́ ẹ yí i sí `Multiply`.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wo fífẹ̀ ìsàlẹ̀. 240 pín sí 3.14 jẹ́ nǹkan bíi 76, ìyẹn ni pé ká tiẹ̀ ní síkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣí yípo pátápátá láìní ìṣẹ́po kankan, ojú iwájú ò lè fẹ̀ ju 76 lọ. Aṣọ tó rọ̀ ò ní dé bẹ̀ rárá torí ó máa ń wọnú ara rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá rí 90 nínú fótò, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fà á. Ẹ wo ìṣẹ́po náà: láti ibi tí aṣọ ti kó jọ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó kàn yọ láàárín itan ò bójú mu.

Fótò yìí ò lè sọ bí ẹ̀yìn ṣe máa rí, tàbí bóyá aṣọ máa fún un tó bá jókòó, ẹ sọ ìyẹn fún un. Ẹ fi fótò tí ẹ ò fọwọ́ kàn ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ kọ "gígùn 60, ìsàlẹ̀ 240" sí i, tó bá ní òun fẹ́ kó fẹ̀ sí i, ẹ kó aṣọ púpọ̀ sí i jọ sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tún un yà.