Bí mo ṣe fi èémí àti ètò múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi

Ọ̀gá wa ní kí n bá gbogbo ẹ̀ka wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìdí tí ìbéèrè àwọn oníbàárà fi ń pẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí n tó kọ ohunkóhun, mo bi ara mi pé ibo gan-an ni ẹ̀rù ti máa ń bà mí jù nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ mí lára, ara mi máa ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí mo bá jókòó tí mò ń retí kí wọ́n pè mí, àti ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ tí mo bá dìde, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn: ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń ga jù, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Torí náà, ibi ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni mo kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìmúrasílẹ̀ mi sí.

Èémí ni mo kọ́kọ́ mú. Bí ara bá ti fura pé ewu wà, á tú adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, itọ́ á gbẹ lẹ́nu, èémí á sì sá lọ sókè àyà, á máa yára. A ò lè pàṣẹ fún àyà pé kó má lù mọ́, a ò sì lè ní kí itọ́ padà sẹ́nu. Èémí nìkan ló gbà kí a fọwọ́ ara wa darí òun, ó sì máa ń fa ìyókù tẹ̀ lé ara rẹ̀. Bí a bá ń mí sínú, ọkàn máa ń yára díẹ̀. Bí a bá ń mí síta, á fà sẹ́yìn. Ẹ fi ìka méjì sórí ọrùn ọwọ́ yín, níbi tí iṣan ti ń sọ, kí ẹ wá mí síta jẹ́jẹ́. Bí ìmísíta náà bá gùn tó, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé àlàfo tó wà láàárín lílù kan sí èkejì á máa fẹ̀ sí i. Ohun tí mò ń lò kò ju ìyẹn lọ: kí ìmísíta gùn ju ìmísínú.

Mo máa ń mí sínú láti imú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 4, màá sì mí síta fún 6, pẹ̀lú ètè tí mo la díẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mímí bíi mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ń fi ọwọ́ kan lé ikùn. Bó bá jẹ́ pé ikùn ló ń wú, tí èjìká ò gbéra, ó ń lọ dáadáa nìyẹn. Bó bá jẹ́ èjìká ló ń lọ sókè, òkè àyà ni mo ṣì ti ń mí.

Ohun kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn tí mi ò fara mọ́, ìyẹn ni “fa èémí tó pọ̀ sínú.” Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó wá ń gbé èémí ńlá ńlá mì léraléra, á lé afẹ́fẹ́ káábọ́nù jáde lára ju bó ṣe yẹ lọ. Òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ètè àti orí ìka rẹ̀ á máa ta á ṣín-ín-ṣín-ín, á wá rò pé ẹ̀rù náà ló tún ń le sí i. Àmì tí a fi ń mọ̀ nìyẹn. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, kí onítọ̀hún dá kíkà náà dúró, kó mí bó ṣe máa ń mí tẹ́lẹ̀ títí ojú á fi walẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fa kékeré sínú, kó sì jẹ́ kó pẹ́ kó tó jáde tán. Bí 4 àti 6 bá gùn jù fún un, kó lo 3 àti 5.

Mi ò dúró dé ọjọ́ ìpàdé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Alaalẹ́ ni mo ń ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí ohunkóhun ò dẹ́rù bà mí, kí ara lè ti mọ ọ̀nà náà kí ọjọ́ tó pé.

Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló kàn. Mo ti ní ohun púpọ̀ láti sọ, mo sì kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Wọ́n gbọ́ mi títí, wọ́n wá ní, “Mo ti gbọ́. Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí gbogbo wa máa kọ ìbéèrè àwọn oníbàárà sójú kan.”

“Ìyẹn ni kó o sọ fún wa. Èyí tí kò bá ti ìyẹn lẹ́yìn, fi í sílẹ̀.”

Bí mo ṣe rí gbólóhùn kan tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé nìyẹn: bí gbogbo ìbéèrè bá wà lójú kan, kò sí èyí tó máa bọ́ sọnù. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo sì fi í yẹ gbogbo ohun yòókù wò. Ìtàn bí a ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ò tì í lẹ́yìn, mo yọ ọ́. Orúkọ gbogbo ọ̀nà tí oníbàárà fi ń kàn sí wa pẹ̀lú, mo dín in kù sí méjì péré, fóònù àti ímeèlì. Kí n tó gé e, nígbà tí mo dìde tí mo sọ ọ́ síta tí fóònù mi sì ń ka àkókò, ó ń lọ sí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kíkà á sínú kò lè fi irú èyí hàn. Ojú yára ju ẹnu lọ, kò sì sẹ́ni tó ń sinmi èémí nígbà tó bá ń fojú kàwé.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni mo pín sí mẹ́ta: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó ń fà á, ohun tí mo fẹ́ ká ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 15. Mo fún ìbẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 30, mo sì fún ìparí ní 30. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 45. Ìwọ̀nba tó kù, mo fi sílẹ̀ fún èémí. Láàárín apá kan sí èkejì, mo pinnu pé màá pa ẹnu mọ́, màá mí síta tán, kí n tó sọ gbólóhùn tó ṣí apá tó kàn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn apá mẹ́ta náà nìyẹn. Àwọn tó ń gbọ́ á rí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé, èmi náà á sì ní ibi tí mo ti lè sinmi láìjẹ́ pé ó dà bíi pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́ sórí, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bó ṣe wà lórí káàdì mi rèé, pẹ̀lú ìlà tí mo fà síbi tí mo gbọ́dọ̀ mí:

“Ẹ káàárọ̀ o. / Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta nínú wa. / Kálukú wa rò pé ẹlòmíì ti dá a lóhùn. / Ọ̀nà tí irú ẹ̀ ò fi ní í ṣẹlẹ̀ mọ́ ni mo fẹ́ sọ.”

Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwọn gbólóhùn náà kúrú, torí pé ìgbà tí mo máa sọ wọ́n ni èémí mi máa kúrú jù. Mo tún kọ́ gbólóhùn méjì tí màá fi parí gbogbo ọ̀rọ̀ mi sórí. Àárín rẹ̀, mi ò kọ́ ọ. Ẹni tó bá há gbogbo ọ̀rọ̀ sórí, tí ọ̀rọ̀ kan bá yọ̀ bọ́, ìyókù á fọ́nká mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta péré ni mo kọ fún apá kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà, sórí káàdì líle tó kéré. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí gbogbo ayé rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ náà, mo tètè dé yàrá ìpàdé, mo dúró síbi tí mo máa dúró sí, mo sì sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ síta kí àwọn èèyàn tó wọlé. Nígbà tí ẹni tó ṣáájú mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo fi imú nìkan mí, 4 sínú, 6 síta, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó jókòó tì mí ò mọ̀. Mo mu omi díẹ̀. Wọ́n pè mí, mo dìde, mo tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, mo mí síta pátápátá, mo wá wo ojú ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa kí n tó la ẹnu. Ó máa ń ṣe ẹni tó dúró níwájú bíi pé irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni.

Àyà mi ṣì ń lù. Èémí kì í pa ẹ̀rù, ńṣe ló ń mú un wá sí ìwọ̀n téèyàn á fi lè ṣiṣẹ́. Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́ ni ìwádìí kan tí Kenneth Savitsky àti Thomas Gilovich gbé jáde lọ́dún 2003. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rù wọn hàn síta ju bó ṣe hàn gan-an lọ, àti pé àwọn tí wọ́n ti ṣàlàyé èyí fún ṣáájú sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwọn tí wọn kò sọ fún. Torí náà, nígbà tí ohùn mi gbọ̀n díẹ̀ ní “Lọ́sẹ̀ tó kọjá,” mi ò tọrọ gáfárà, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo dé ibi ìlà, mo mí, mo tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mo fi máa dé “ohun tó ń fà á,” ohùn mi ti balẹ̀.

Gbogbo èyí wà fún ẹ̀rù tó máa ń báni kí a tó sọ̀rọ̀, tó sì máa ń lọ. Ẹni tí kì í rí oorun sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí ìpàdé, tàbí tó ti ń kọ iṣẹ́ tó wù ú sílẹ̀ kó má bàa sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn, kó lọ rí dókítà tàbí onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ. Wọ́n ní ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ fún un.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè tí wọ́n máa bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni èémí tún ti máa ń sá sókè, torí ìdáhùn ò sí lórí káàdì. Ẹnì kan bi mí pé ta ló máa máa yẹ àkọsílẹ̀ náà wò lójoojúmọ́. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, mo mí síta, mo tún ìbéèrè rẹ̀ sọ kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ, mo wá dáhùn ní gbólóhùn méjì: ká máa yí i ká láàárín ara wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí èmi sì mú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.