Bí mo ṣe tọ́jú etí àbúrò mi tó ń lúwẹ̀ẹ́

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 16 ni, látìgbà tí wọ́n ti gba hólidé inú púùlù ló kù tó ń gbé. Etí ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń yún un, ló bá ń ti ìka bọ̀ ọ́, ó tún ń ti ìdérí báírò bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni yíyún di dídùn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé etíìgbọ́ mi, kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn mọ́, etí ti dí, tí mo bá pè é láti kíṣìnì á ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí ni?", omi kan tó funfun díẹ̀ sì ti ń jáde níbẹ̀.

Mo ní kó jókòó, mo rọra fa etí yẹn sókè, mo tún fi ìka tẹ ẹran kékeré tó wà níwájú ihò etí, ariwo tó pa kì í ṣe kékeré. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún lẹ́yìn ìlù etí ni àrùn wà, irú èyí tó máa ń tẹ̀lé kàtá tàwọn ọmọdé, téèyàn bá fa etí kì í sábà dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ awọ inú ihò yẹn gan-an ló wú, ẹ ò lè fọwọ́ kan etí ọ̀hún. Kò ní kàtá, ara rẹ̀ ò gbóná. Ó ti yé mi pé omi púùlù ló fà á.

Màmá ọ̀ọ́kán wa ní ká yọ́ àdí, ká kán an sí i lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o, àmọ́ mi ò ṣe é, torí kò sẹ́ni tó tíì wo inú etí yẹn láti mọ̀ bóyá ìlù rẹ̀ ṣì wà ní pípé. Kẹ́mísí àdúgbò náà ní ampíkílọ́ọ̀sì ni ká lò, ìyẹn gan-an ni mi ò fara mọ́ jù, torí kápúsù téèyàn gbé mì máa kọ́kọ́ yí gbogbo ara ká, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa dé ibi tó ń dùn, dírọ́ọ̀pù sì ni wọ́n ń kán lé ojú ibẹ̀ tààrà. Ọ̀dọ̀ dókítà etí la gbà lọ.

Dókítà tan iná sí i, ó ní ihò náà ti wú débi pé òun ò rí ìlù etí dáadáa. Ó fi ẹ̀rọ fa ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, ó wá ń ṣàlàyé fún wa. Ó ní ihò yẹn ò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, awọ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ìdọ̀tí etí tá a máa ń kó dànù yẹn ló ń dáàbò bò ó torí ó kan díẹ̀, kòkòrò ò sì fẹ́ràn ibi tó kan. Tómi bá wá ń dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́, á fọ ìdọ̀tí yẹn lọ, awọ á rọ̀, ìdérí báírò á wá ha á, ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní súdómónásì, tó jẹ́ pé ibi tó ní ọ̀rinrin ló ń gbé, á bá ríbi wọlé. (Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ báírò, àbúrò mi ń wo ilẹ̀.)

Nítorí pé ihò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ó ní dírọ́ọ̀pù lásán ò ní wọlé. Ó wá fi fóòmù tín-ínrín kan tí wọ́n ti tẹ̀ pọ̀ sínú rẹ̀, tí oògùn bá ti kàn án á wú, á wá máa fa oògùn wọnú bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 la padà lọ tó yọ ọ́, torí wíwú náà ti lọ sílẹ̀, ó rí ìlù etí, ó ní kò lu. Oògùn tó kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni èyí tó pa sípírófúlọ́kísásìn pọ̀ mọ́ dẹ́sámẹ́tásónì, ọ̀kan ń pa kòkòrò, èkejì ń mú kí wíwú náà wálẹ̀, ẹ̀kán 4 láàárọ̀, ẹ̀kán 4 lálẹ́, fọ́jọ́ 7. Mo bi í nípa jẹntamáísìn tó wà níbi gbogbo tí ò wọ́n, ó ní òun ò ní kán ìyẹn sétí tóun ò tíì rí ìlù rẹ̀, torí tó bá ti lu, oògùn yẹn lè wọ inú lọ́hùn-ún kó ba ìgbọ́ràn jẹ́.

Ẹ wá wo bí mo ṣe ń kán an o, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi oògùn ṣòfò. Mo máa fọwọ́, màá di ìgò yẹn mú lọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan sí méjì kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí tó bá tutù wọnú etí òòyì á kọ́ èèyàn. Màá gbọ̀n ọ́n. Á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, etí tó ń dùn á wà lókè, màá fa etí náà sókè kí n tún fà á sẹ́yìn kí ihò lè tọ́ (ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí), màá wá jẹ́ kó máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ihò wọlé kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde, ẹnu ìgò ò sì gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà màá tẹ ẹran iwájú etí yẹn lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó ń ti oògùn lọ sísàlẹ̀ ni. Ó wá gbọ́dọ̀ sùn bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ibẹ̀ la ti máa ń jà jù.

Parasitámọ́ọ̀lù ló fi ń sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́. Dókítà ti sọ pé tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta tí kò rọlẹ̀ rárá ká padà wá, torí ó lè jẹ́ kòkòrò ìdílé olú, ìyẹn fọ́ńgọ́ọ̀sì, ló wà níbẹ̀, irú èyí tó máa ń yún ju bó ṣe ń dùn lọ, tẹ́ ẹ máa rí àmì dúdú nínú rẹ̀, ańtíbáyótíìkì sì máa ń jẹ́ kíyẹn pọ̀ sí i ni. Tiwa rọlẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló ní irú ẹ̀, tí ìrora ń pọ̀ lóru tàbí tí ẹnu ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè ti wọ egungun, ọsibítù lọ́jọ́ náà lọ́jọ́ náà ni.

Gbogbo ọjọ́ yẹn omi ò gbọ́dọ̀ kàn án. Tó bá fẹ́ wẹ̀, òwú tí mo fi fasilíìnì pa ló ń fi dí ẹnu ihò, kì í kì í wọnú, tó bá sì ti wẹ̀ tán ó ń yọ ọ́. Mo gba iyafóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́tìn bọ́ọ̀dù, mo ti kó wọn kúrò nílé.

Ní báyìí tó ti padà sí púùlù, tó bá ti jáde á dorí kodò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, á tún dà á sósì, kómi jáde, mo sì ní kó fi dráyà irun fẹ́ ẹ, kó yí i sí ìwọ̀n tó tutù jù, kó jìnnà tó fíìtì kan sí etí. Lẹ́yìn ìyẹn á kán fínígà funfun tá a pò mọ́ ọtí àìsopurópáìlì ìlàjì sí ìlàjì, ẹ̀kán díẹ̀ péré, kì í ṣe sípírítì aláwọ̀ tí wọ́n ń ta ní kẹ́mísí o. Torí wọ́n ti rí i pé ìlù etí rẹ̀ ò lu la ṣe ń lò ó, ẹni tí tiẹ̀ lu ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Tó bá sì kán an tó ta á gan-an, a jẹ́ pé egbò ti wà níbẹ̀ nìyẹn, á dá a dúró, kò sì ní wọ púùlù lọ́la.