Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ tí owó ìṣàgbékalẹ̀ di dúkìá

Kí ẹ tó gbé bírò, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìlànà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń ṣe ìwé owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlànà ti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ni, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu: ìnáwó ọdún ni gbogbo owó ìwádìí àti owó ìṣàgbékalẹ̀, ìyẹn owó tí a ná láti sọ ohun tí ìwádìí mú wá di ohun tó ṣeé lò tàbí tó ṣeé tà, kọ́bọ̀ kan kò ní di dúkìá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi kan àwọn tó ń lo odindi ìlànà àgbáyé, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Nàìjíríà ní 2012. Apá kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ IAS 38 ló dá lórí dúkìá tí kò ṣeé fọwọ́ bà, bí ẹ̀tọ́ lórí àwòrán ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré náà lè gbà á lò, pàápàá bí ẹni tó fẹ́ bá wọn dá owó bá ní òun kò ní wo ìwé mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn awẹ́dà ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Ẹ̀rọ tó máa ń mú kòkó gbẹ lásìkò òjò ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ti dé Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì nínú oṣù kẹsàn-án á mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n á kó o síta pé kí oòrùn pa á, òjò á dé, wọ́n á sáré kó o wọlé, kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ó ti hu èébu. Mo ti ṣe iye owó wọn ní gbáńgbá kó lè rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe tò tẹ̀ lé ara rẹ̀ nìyí.

Ẹ ya ìwádìí sọ́tọ̀

Èyí kò le. Ìgbà tí ẹ bá ṣì ń wá ìmọ̀, tí ẹ ń fi ọ̀nà kan wé òmíràn, ìwádìí ni. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin 2024, wọ́n ń lọ láti oko dé oko, wọ́n dán èédú wò, wọ́n dán gáàsì wò, wọ́n dán ìyẹ̀fun pákó wò. ₦2,400,000 lọ síbẹ̀. Ìnáwó ọdún ni gbogbo rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọ̀nà kan ṣoṣo, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ kọ́, ìṣàgbékalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè fi ẹ̀rí hàn ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ìwádìí ni kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí. Ohun tí ìlànà náà wí nìyẹn.

Ẹ wá ọjọ́ náà

Ibí yìí ni mo ti rí i tí àwọn akáúntáǹtì tó mọṣẹ́ dáadáa ń ṣubú. Wọ́n rò pé tí owó bá ti ń jẹ́ owó ìṣàgbékalẹ̀, dúkìá ló dà. Rárá o. Ó dọjọ́ tí ohun mẹ́fà bá pé jọ. Kí ó ṣeé ṣe ní ti iṣẹ́ ọwọ́. Kí ilé-iṣẹ́ ti pinnu láti ṣe é parí. Kí wọ́n lágbára láti lò ó tàbí láti tà á. Kí ọ̀nà tó máa gbà mówó wọlé hàn. Kí owó, òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ tó máa parí rẹ̀ wà nílẹ̀. Kí iye tí wọ́n ń ná sórí rẹ̀ sì ṣeé kà láìméfò. Bí márùn-ún bá pé, tí ọ̀kan kù, ìnáwó ọdún ni ohun gbogbo tí ẹ bá ná lọ́jọ́ yẹn.

Méjì nínú wọn ló sábà máa ń pẹ́ dé. Àkọ́kọ́ ni ti iṣẹ́ ọwọ́. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, àwọn awẹ́dà yìí ná ₦3,600,000 lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ohun tí ọ̀gá wọn ń sọ fún mi ni pé, "Ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n." Mo lọ wò ó. Omi inú kòkó tó wà lórí àtẹ òkè ti dín kù dé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ti àtẹ ìsàlẹ̀ ṣì wà ní mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ sì ń rùn èéfín. Ẹni tó ń ra kòkó kò ní gba èyí tó ń rùn èéfín, kò sì fẹ́ kí omi inú rẹ̀ ju bí ìdá méje àbọ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń tan iná, tí afẹ́fẹ́ ń jáde nínú rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti ṣeé ṣe. Ìdánwò mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni kí ẹ béèrè, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin bá fi hàn sílẹ̀ fún àtẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ṣe é fọwọ́ sí i, kí déètì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin kòkó wọ́n. Bí wọn kò bá ní, wọ́n lè yá a lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó fún ọjọ́ kan. Kòkó tó gbẹ á máa dún ṣákáṣáká bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, àgbẹ̀ á sì fi ìyẹn gbà pé ó dáa, ṣùgbọ́n ọ́dítọ̀ kò lè fi dídún ṣe ẹ̀rí. 12 oṣù kẹsàn-án ni ìdánwò kẹta yege: gbogbo àtẹ wà lábẹ́ méje àbọ̀, èéfín kò sí.

Ìkejì ni ti owó tí wọ́n máa fi parí rẹ̀. Lọ́jọ́ 12 yẹn, ₦300,000 ló kù nínú àkáǹtì wọn, iṣẹ́ tó kù sì ń lọ bí ₦4,000,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá wọn sọ pé mánẹ́jà báǹkì ti fọkàn òun balẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹnu kò tó. Ìlànà náà gba ẹ̀rí pé ayánilówó ti fẹ́ ṣonígbọ̀wọ́ iṣẹ́ náà, nítorí náà lẹ́tà báǹkì ni mo dúró dè. Ó dé ní 30 oṣù kẹsàn-án. Ẹ kíyè sí i pé déètì lẹ́tà ni mo lò, kì í ṣe ọjọ́ tí owó wọ àkáǹtì.

Àwọn mẹ́rin tó kù ti wà nílẹ̀ ṣáájú: ìpinnu àwọn dáírẹ́kítọ̀ wà nínú ìwé ìpàdé, ṣọ́ọ̀bù àti awẹ́dà wà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó ti kọ̀wé pé àwọn máa rà á, fáìlì ìnáwó sì dá wà. Ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn dé ni ọjọ́ náà. 30 oṣù kẹsàn-án ni.

Ẹ má padà lọ kó owó àtẹ̀yìnwá

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan rí wò mí lójú, ó ní, "Ṣebí owó kan náà ló bí ẹ̀rọ yìí, kí ló dé tí ẹ kò ka ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn?" Akáúntáǹtì rẹ̀ gbọ́ tirẹ̀, ó kó ohun gbogbo láti ọjọ́ kìíní sínú dúkìá. Èrè ọdún yẹn dán. Wọ́n ti fún báǹkì ní ẹ̀dà rẹ̀ kí ọ́dítọ̀ tó dé. Nígbà tí ọ́dítọ̀ yọ owó náà padà, èrè di òfò, ojú ọ̀gá kò ṣeé wò níwájú báǹkì. Ẹyin ni owó tí a ti kà sí ìnáwó: bó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ìlànà náà kò fàyè gbà á láéláé, yálà nínú ọdún kan náà ni tàbí ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó tún burú jù ni kíkọ ìwé ìpàdé lẹ́yìn tí ọdún ti parí, kí wọ́n wá fi déètì àtijọ́ sí i. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 5 oṣù kẹsàn-án sórí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń tọ́ka sí lẹ́tà tí báǹkì kọ ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Ọ́dítọ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìlà méjèèjì ló fi pẹ́ńsù yí po. Kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ 25 oṣù, kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ náà jókòó, kí ẹ mú àwọn ohun mẹ́fà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ "ó ti pé" tàbí "kò tíì pé" sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, kí ẹ méjèèjì fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà dára, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ti rán ojú-ewé rẹ̀ pọ̀ kò ṣeé fi ojú-ewé mìíràn há láàárín.

Ẹ ṣẹ́ ohun tó yẹ nínú owó ẹ̀yìn ọjọ́ náà

₦900,000 tí wọ́n ná nínú oṣù kẹsàn-án kí lẹ́tà tó dé, ìnáwó ọdún ni. Láti ọjọ́ lẹ́tà títí dé òpin oṣù kejìlá, wọ́n ná ₦4,800,000, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa wọlé. ₦3,650,000 jẹ́ irin, fáànù, owó òṣìṣẹ́, owó ìdánwò àti owó ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ lórí àwòrán ẹ̀rọ náà. Ìwọ̀nyí ló so mọ́ iṣẹ́ náà tààrà. ₦450,000 tí wọ́n fi ṣe ìpolówó ní Ọjà Ọba, ₦350,000 tí wọ́n fi kọ́ àwọn tó máa lo ẹ̀rọ náà, àti ₦350,000 tó jẹ́ ìpín owó ilé àti iná ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sínú ìnáwó. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ fún oníbàárà láti tà tún yàtọ̀ sí gbogbo èyí: ọjà ni, kì í ṣe dúkìá tí à ń wí.

Owó òṣìṣẹ́ ló máa ń fa wàhálà, torí awẹ́dà kan náà ń jó géètì àti wíńdò fún oníbàárà. Ìwé ògóje ewé kan tó fún kí wọ́n máa kọ wákàtí sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá kọ lọ́jọ́ Jímọ̀ fún gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú dúkìá.

Nínú ₦11,700,000 tí wọ́n ná, ₦3,650,000 di dúkìá, ₦8,050,000 lọ sínú èrè àti òfò. Inú ọ̀gá wọn kò dùn sí i, ó sì yé mi.

Lẹ́yìn tó bá ṣeé lò

Iṣẹ́ parí ní òpin oṣù kejìlá. Wọ́n gbà pé àwòrán náà á mówó wọlé fún ọdún márùn-ún kí òmíràn tó bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà láti oṣù kìíní 2025, ₦730,000 ni wọ́n ń yọ kúrò lọ́dọọdún. Bí iṣẹ́ bá wọ ọdún tuntun láìtíì parí, ẹ kò ní yọ nǹkan kan, àmọ́ ọdọọdún lẹ ní láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye rẹ̀ kò tíì já wálẹ̀.

Nínú oṣù kẹta, ọ̀gá awẹ́dà pè mí pé àwọn ti pààrọ̀ fáànù sí èyí tó lágbára díẹ̀, ó ń béèrè bóyá ká fi kún dúkìá. Mo ní kó fi sínú ìnáwó oṣù yẹn. Iṣẹ́ tó ń mú ohun tó wà tẹ́lẹ̀ dúró ni.