Lẹ́tà tí a fi ń sọ fún alábòójútó pé a ti tún àwòrán yà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti tún Àwòrán 4.2 yà. Mo yí ìwọ̀n rẹ̀ padà kó lè hàn dáadáa. Ẹ ṣeun, sà."

Gbogbo ohun tí mo kọ sí alábòójútó mi nìyẹn nígbà tí mò ń ṣe másítà. Èsì tó wọlé kò gùn: "Kí lo yí gan-an?" Mo rò pé inú ló ń bí i. Àṣé ẹni tó ti mọ ojú àwòrán kan, tó wá bá a pẹ̀lú ojú mìíràn lójijì, ohun tí yóò kọ́kọ́ rò ni pé wọ́n ti fọwọ́ kan nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀.

"Kó lè hàn dáadáa" kì í ṣe ìdí. Iye kòkòrò E. kóláì nínú omi kànga mẹ́fà ni iṣẹ́ mi dá lé, iye tó wà nínú 100 mílílítà omi. Kànga tó dọ̀tí jù ní 24,000, èyí tó tẹ̀lé e ní 1,100, ọ̀kan ní 40, ọ̀kan ní 3, méjì kò ní rárá. Àwòrán ọlọ́pàá-ọ̀pá ni mo yà, ọ̀pá kan fún kànga kan. Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, ìwọ̀n rẹ̀ sì lọ láti òdo dé 25,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọ̀pá 1,100 kò ga ju mìlímítà 4.4 lọ. Ti 40 kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan, ìlà tí mo fà sí ìdí àwòrán gan-an nípọn jù ú lọ. Ẹni tó bá wò ó yóò ní kànga kan ṣoṣo ló níṣòro, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní a kò gbọdọ̀ rí ẹyọ kan nínú 100 mílílítà omi mímu. Ìdí tó yẹ kí n kọ nìyẹn, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀.

Mo wá lo ìwọ̀n lọ́ọ̀gì, níbi tí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti 1 dé 100,000. Ní sẹ̀ǹtímítà 10 kan náà, 40 gòkè dé 3.2, 1,100 dé 6.1, 24,000 dé 8.8. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n àwòrán tuntun náà ní irọ́ tirẹ̀, a kì í sì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà. 24,000 àti 1,100 wá dà bí ojúgbà, bẹ́ẹ̀ èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po 22 èkejì. Bí ẹ bá fi ọ̀pá yà á, ó tún burú sí i: òdo kò sí lórí lọ́ọ̀gì, nítorí náà ọ̀pá kò ní ìdí tó dúró lé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.1 dípò 1, gbogbo gíga wọn yóò yí padà. Ẹ lo àmì róbótó kéékèèké, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀.

Òdo yẹn ló sì kó mi sí wàhálà jù. Ìlà kan péré ni mo tẹ̀:

```python
ax.set_yscale("log")
```

Kànga méjì tó mọ́ pòórá lójú àwòrán, kọ̀ǹpútà kò sì sọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi 1 kún gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó: 3 yóò di 4, ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀ kún un, nígbà tí 24,000 kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ, mo ti fọwọ́ kan nọ́ńbà lóòótọ́ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ìlà onígékúgèé kan ni mo to kànga méjì náà sí, mo kọ "a kò rí" sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó tún yẹ kí a sọ iye omi tí a sẹ́, nítorí ẹni tó sẹ́ mílílítà 10 péré tí kò rí nǹkan kan, ohun tó lè sọ ni pé kò tó 10 nínú 100, kì í ṣe òdo.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn kò sí lójú àwòrán rárá. Nínú Orí Kẹrin, mo ti kọ pé "kànga yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́". Ojú àwòrán àtijọ́ ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti yí àwòrán. Alábòójútó mi ló rí i.

Lẹ́tà kejì tí mo kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo tún Àwòrán 4.2 yà. Nọ́ńbà kankan kò yí, Tábìlì 4.1 náà ni wọ́n ti wá. Ìwọ̀n ló yí, láti òdo sí 25,000, ó di lọ́ọ̀gì láti 1 sí 100,000, nítorí kànga tó ní 40 àti èyí tó ní 3 kò hàn lórí ti àkọ́kọ́. Kànga méjì tí a kò ti rí kòkòrò wà nísàlẹ̀ ìlà onígékúgèé. Mílílítà 100 ni mo sẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé lọ́ọ̀gì ni, àti pé kànga àkọ́kọ́ fi nǹkan bí ìlọ́po 22 ju èkejì lọ. Mo ti tún gbólóhùn 'fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́' kọ. Àwòrán méjèèjì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ká dá ti àkọ́kọ́ dúró, sà, mo lè gbé e sí àfikún."