Ọdún Mélòó Ni Augustu Gbé Láyé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọdún Òdo Tí Kò Sí

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìtàn kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo: Ẹ káàárọ̀ sà. Ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ sọ pé wọ́n bí Késárì Augustu ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 63 ṣáájú Sànmánì Kristẹni, àti pé ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, ọdún 14 Sànmánì Kristẹni, ní ẹni ọdún 75. Mo ro 63 pọ̀ mọ́ 14, mo rí 77. Ibo ni ọdún méjì gbà lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, olùkọ́ wa. Òótọ́ ni ìwé yín sọ. Ọdún méjì náà kò gba ọ̀nà kan náà lọ: ọ̀kan lọ nítorí pé kò sí ọdún òdo láàárín sànmánì méjèèjì, èkejì sì lọ nítorí pé ọjọ́ ìbí Késárì kò tíì kò nígbà tí ikú dé. Ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, nítorí pé ẹni tó bá ti há a sórí pé “méjì ni à ń yọ” yóò ṣi ìṣirò tó kàn ṣe.

Ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀ ná, kí ẹ máa bá ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ̀ láti ọdún dé ọdún. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 63 ṣáájú Sànmánì Kristẹni títí di ọjọ́ kan náà ní ọdún 1 ṣáájú Sànmánì Kristẹni, ọdún 62 ló kọjá, nítorí pé nọ́ńbà ń wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 63 dé 1. Ibi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún tó tẹ̀ lé ọdún 1 ṣáájú Sànmánì Kristẹni gan-an ni ọdún 1 Sànmánì Kristẹni, kò sí ọdún mìíràn láàárín wọn. Nítorí náà, ọdún kan ṣoṣo ni ọjọ́ ìbí náà fi kọjá láti ìhà kan bọ́ sí ìhà kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá wò ó bí −1 àti 1 yóò rò pé méjì ni. Láti ọdún 1 dé ọdún 14, ọdún 13 ni. Ẹ wá ro 62, 1 àti 13 pọ̀, yóò jẹ́ 76. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 14 ni ìbá sì pé ọdún 76 yẹn, ṣùgbọ́n ó kú ní ọjọ́ 35 ṣáájú rẹ̀. Ẹni ọdún 75 ni, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé 77 tí ẹ rí kì í ṣe nọ́ńbà asán. Ó dáhùn ìbéèrè mìíràn ni. Bí ẹ bá ka orúkọ gbogbo ọdún tí Augustu fojú kàn láyé, láti 63 sọ̀kalẹ̀ dé 1, kí ẹ tún gòkè láti 1 dé 14, 77 gééré ni ẹ ó kà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíka ọdún àti wíwọn àkókò tó kọjá kò sì ṣàjèjì sí wa nínú èdè wa. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni a ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ, nítorí pé a ka ọjọ́ tí a bí i mọ́ ọn. Síbẹ̀ ọjọ́ méje péré ni ọmọ náà ti lò láyé. Ìjẹta pẹ̀lú, a ka òní, a ka àná, ó di ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì ló ti kọjá. Bí ìyá ọmọ bá sọ pé ọjọ́ kẹjọ ni, tí ẹlòmíràn sì sọ pé ọmọ ọjọ́ méje ni, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò purọ́. Ohun tí ìṣirò yín ṣe nìyẹn: ó ka orúkọ ọdún nígbà tí ẹ fẹ́ wọn ọjọ́ orí.

Bí ẹ ó ṣe máa ṣe é nìyí. Bí ọjọ́ kan bá wà ṣáájú sànmánì, tí èkejì sì wà nínú rẹ̀, ẹ ro nọ́ńbà ọdún méjèèjì pọ̀ kí ẹ yọ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo oṣù àti ọjọ́: bí ọjọ́ ìparí kò bá tíì dé ibi tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ọdún, ẹ tún yọ ọ̀kan. Ẹ fi ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1 ṣáájú Sànmánì Kristẹni dán an wò, kí ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1 Sànmánì Kristẹni. Ọ̀kan àti ọ̀kan jẹ́ méjì. Ẹ yọ ọ̀kan, ó ku ọ̀kan. Ọjọ́ ìbí kò tíì kò, ẹ yọ ọ̀kan sí i, kò ku nǹkan kan. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan lóòótọ́, ọmọ ọjọ́ 18 ni.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ náà: Ta ló wá yọ ọdún òdo kúrò, sà? Àwọn ọmọ yóò béèrè.

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Kò síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin anìkàndágbé kan tó ń jẹ́ Dionisiu, tó ń gbé ní Róòmù, ló gbé ìlànà kíka ọdún yìí kalẹ̀ ní ọdún 525, nígbà tó ń ṣe tábìlì tí ìjọ yóò fi máa mọ ọjọ́ tí ọdún Àjíǹde bọ́ sí. Ọdún kìn-ín-ní, ọdún kejì, ọdún kẹta lẹ́yìn tí Olúwa wá sáyé ni ó ń kà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka ọdún tí ọba ti lò lórí ìtẹ́. Kò sí ọba tó máa ń lo ọdún òdo lórí oyè. Ọjọ́ tó bá ti jókòó ni ọdún kìn-ín-ní rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà Róòmù tí wọ́n fi ń kọ̀wé nígbà náà kò tilẹ̀ ní àmì òdo. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wá ń kà á sẹ́yìn, bíi Bídì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìtàn tó parí ní ọdún 731, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà: ọdún tó ṣáájú ọdún kìn-ín-ní di ọdún kìn-ín-ní ìhà kejì.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìgbọ̀nà: Ṣé mo gbọ́dọ̀ máa yọ ọ̀kan nígbà gbogbo?

Ìdáhùn: Rárá o, ọmọ mi. Ìgbà tí o bá ré ààlà náà kọjá nìkan ni. Ọdún 2005 ni wọ́n kọ Igbó Ọ̀ṣun tiwa yìí mọ́ ogún àgbáyé, ó sì pé ọdún 20 ní 2025: ìyọkúrò lásán ni, nítorí pé ìhà kan náà ni ọdún méjèèjì wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọdún méjì tó wà ṣáájú sànmánì, nọ́ńbà ńlá ni o ó fi ti kékeré yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí ni kò kúrò ńlẹ̀ níbikíbi.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo kó ọdún ìbí àti ọdún ikú àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ sínú Excel, mo fi àmì ìyọkúrò síwájú àwọn tó wà ṣáájú sànmánì. Àbájáde ẹlòmíràn máa ń tọ̀nà, ti ẹlòmíràn sì máa ń fi ọ̀kan lé. Nínú àkọsílẹ̀ kan tí mo rí gbà, ọdún ìbí Augustu tilẹ̀ jẹ́ −62. Ṣé wọ́n ṣì í kọ ni?

Ìdáhùn: Wọn kò ṣì í kọ. Ọ̀nà àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́. Nítorí pé ìyọkúrò lásán ni àwọn wọ̀nyẹn fẹ́ máa ṣe, wọ́n fi òdo sí ibi tí àwọn òpìtàn fi ọdún 1 ṣáájú Sànmánì Kristẹni sí, ọdún 2 wá di −1, ọdún 63 sì di −62. Kasíní, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé, lo ọdún òdo nínú tábìlì tó tẹ̀ jáde ní 1740, ìlànà àgbáyé fún kíkọ ọjọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ISO 8601, sì gba ọ̀nà kan náà: `0000` níbẹ̀ ni ọdún 1 ṣáájú Sànmánì Kristẹni.

Mo fura pé àkọsílẹ̀ oríṣi méjì lo pò mọ́ra, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń tọ̀nà tí àwọn kan kò sì tọ̀nà. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wá ẹnì kan tí ọdún rẹ̀ dá ọ lójú nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 44 ṣáájú Sànmánì Kristẹni ni wọ́n gún Júlíọ́ọ̀sì Késárì pa. Bí àkọsílẹ̀ kan bá kọ −44, ọ̀nà àwọn òpìtàn ni. Bí ó bá kọ −43, ti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ni. Ti àwọn òpìtàn nìkan ni kí o lo ìlà yìí fún, pẹ̀lú ọdún ìbí nínú A2 àti ọdún ikú nínú B2:

```
=B2-A2-IF(AND(A2<0,B2>0),1,0)
```

Ní ti èkejì, `=B2-A2` ti tó. Jọ̀wọ́ má ṣe fi èyí tó wà lókè ṣiṣẹ́ lórí −62. Yóò fún ọ ní 75, o ó sì yọ̀ pé ó bá ìwé mu, bẹ́ẹ̀ ó ṣèèṣì bá a mu ni, nítorí pé ìwọ kò tíì wo oṣù àti ọjọ́ rárá. Nígbà tí o bá wá wò ó, tí o sì yọ ọ̀kan nítorí ọjọ́ ìbí tí kò tíì kò, Augustu yóò di ẹni ọdún 74. Àṣìṣe tó fara jọ òótọ́ báyìí ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé kì í jẹ́ kí ènìyàn padà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ará Ìgbọ̀nà náà: Ṣé àwọn àgbà náà máa ń ṣe àṣìṣe yìí?

Ìdáhùn: Wọ́n ṣe é rí, ní gbangba. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 70 ṣáájú Sànmánì Kristẹni ni wọ́n bí Fẹ́jílì, akéwì Róòmù. Ní 1930 ni Ítálì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ṣàjọyọ̀ pé ó pé 2000 ọdún tí wọ́n bí i. Ro 70 mọ́ 1930, yọ ọ̀kan: 1999 ni. Ó yẹ kí wọ́n dúró di 1931.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ Òkè-Fìà: Ìkan ṣoṣo ló kù, sà. Ìwé wa sọ pé iṣẹ́ ọnà Nok wà láti nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú Sànmánì Kristẹni dé nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí àwọn ọmọ kọ 699?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ “nǹkan bí 700”. Ìwọ̀n tí àwọn awalẹ̀pìtàn wọn àjókù igi àti amọ̀ ni àwọn ọdún yẹn ti wá, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí tilẹ̀ ti sún ìbẹ̀rẹ̀ Nok sẹ́yìn kọjá 500. Ọmọ tó bá kọ 699 ń sọ pé òun mọ ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n dáwọ́ dúró. Ti Augustu ni kí ẹ fi dán wọn wò, nítorí pé a mọ ọjọ́ méjèèjì, kí ẹ sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdí tó fi yọ ọ̀kan àkọ́kọ́ àti ìdí tó fi yọ èkejì sí orí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.