Ẹ má kọ "5/7" sórí ìwé tí aláìsàn ń gbé lọ sílé

Ẹ̀yin ará wa ní wọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, ìyá kan láti Ìgbógbó ní Ìkòròdú gbé ọmọ rẹ̀ padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí a kọ fún un ni "1 tds 5/7". Àwa mọ̀ pé kápúsù kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ni. Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ni ìyá kà á sí, ó rò pé ọjọ́ tí òun máa padà wá nìyẹn. Bí ara ọmọ ṣe tutù ní ọjọ́ kejì, ó dá oògùn dúró. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀bi wa ni.

Báyìí ni mo tún un kọ: "Kápúsù kan láàárọ̀, kan lọ́sàn-án, kan lálẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, Mọ́ńdè. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti ọ̀sán Sátidé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15. Bí ara bá tilẹ̀ yá, ẹ lò ó tán."

Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?", bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ. Ẹ ní: "Màámi, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe máa fún un lọ́la."